Kẹ́tù iná mi ò kú fúnra ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti fọ èèpá funfun inú ẹ̀

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú ilé o gbogbo yín. Kẹ́tù iná mi, onírin tó ń gba lítà 1.7, kì í kú fúnra ẹ̀ mọ́ tí omi bá hó. Èèpá funfun ti bo ìdí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá fi fínígà fọ̀ ọ́, gbogbo ìdí ẹ̀ ń dán báyìí, àmọ́ ńṣe ló ṣì ń hó lọ ràì títí màá fi lọ fọwọ́ pa súìṣì. Tí mo bá fọwọ́ pa á, ó ń kú. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?

Bàbá Wáyà
Ẹ má tíì da nǹkan kan sí i mọ́ o, àǹtí. Ohun tó ń pa kẹ́tù ò sí nínú omi rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi fúnra ẹ̀ ni kẹ́tù ń wò, pé tó bá ti gbóná dé ibì kan ó ti mọ̀. Ooru tó ń rú jáde lára omi bí èéfín ló ń dúró dè. Tí omi bá ti ń hó dáadáa, ooru á kún òkè inú kẹ́tù, á wá máa wá ibi tó máa gbà, wọ́n sì ti dá ihò kékeré kan sílẹ̀ fún un lókè lọ́hùn-ún, lápá ibi tí ọwọ́ kẹ́tù wà, nítòsí ibi tí ọmọrí ti ń ṣí. Láti ibẹ̀ ó máa gba ọ̀nà tóóró kan nínú ọwọ́ kẹ́tù tàbí nínú ọ̀pá kan sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí súìṣì wà. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é, oríṣi irin méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe é, ọ̀kan máa ń fẹ̀ ju èkejì lọ tí wọ́n bá gbóná, torí náà bí ooru bá ti bà á tó, ó máa yí ikùn padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì ta súìṣì kúrò níbi tó wà. Ìró "kàn" tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, irin yẹn ló ń ṣe é.

Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? Fínígà tí ẹ dà sí i, ìdí ló fọ̀, kò dé ihò òkè yẹn. Ìdí kẹ́tù lè máa dán bíi dígí kó má sì kú.

Bó ṣe ń kú tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, torí ó fi hàn pé súìṣì gan-an ò tíì bàjẹ́, ohun tó yẹ kó ta á ni ò ta á. Ẹ bá mi wo nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ bu omi dé àárín, ẹ pa ọmọrí ẹ̀ dé kó dún, ẹ tàn án, kí ẹ dúró jìnnà díẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Tó bá ń hó, ibo ni ooru ń gbà jáde? Ṣé ẹnu tí a ń gbà da omi nìkan ni, àbí ó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí náà? Ẹ má gbé ojú tàbí ọwọ́ sún mọ́ ọn o, ooru omi ń bó èèyàn lára kíákíá.

Dúró Gbọ́
Fínígà nìkan ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Béékìn sódà lẹ máa kọ́kọ́ dà sí i, ṣíbí mẹ́ta, kí ẹ wá da fínígà lé e lórí, ẹ máa rí i bó ṣe máa ru gùdù tí fóòmù á gòkè dé ihò òkè yẹn, gbogbo ẹ̀ ló máa fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń ṣe é fún tèmi, ó sì máa ń mọ́.

Tísà Kẹ́míkà
Ẹ̀gbọ́n Dúró Gbọ́, ẹ ṣeun, ẹ tọ̀nà pé nǹkan kan máa ru, àmọ́ kì í ṣe èèpá yẹn ló ń ru. Èèpá funfun inú kẹ́tù, ẹfun ni, ásíìdì ló ń yọ ọ́. Fínígà jẹ́ ásíìdì. Béékìn sódà ni ọ̀tá ásíìdì. Tí ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn méjèèjì á bá ara wọn jà tán kí ẹfun tó rí nǹkan kan jẹ, omi iyọ̀ kan tí ò lágbára ló máa kù sínú kẹ́tù. Ìdí tí tiyín fi ń mọ́ ni pé fínígà tí ẹ ń dà máa ń pọ̀ ju sódà lọ, èyí tó ṣẹ́ kù ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ sódà kúrò nínú ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí èmi máa ń lò ni sítíríkì ásíìdì, ìyẹ̀fun funfun yẹn tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Kì í rùn bíi fínígà. Lítà omi kan, ṣíbí ìjẹun méjì tí ò kún jù, bíi gíráàmù 25 sí 30 nìyẹn, ẹ pò ó títí tó fi yọ́. Èyí tó pọ̀ tó yẹn lè jẹ bíi gíráàmù 20 ẹfun kó tó rẹ̀ ẹ́, èèpá inú ọ̀pọ̀ kẹ́tù ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn máa ń ṣàṣìṣe sí ni pé wọ́n á sè é. Ẹ má sè é. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà ló dáa jù, ẹ tan kẹ́tù díẹ̀ kí ẹ pa á kí ó tó hó, kí ẹ wá da ìyẹ̀fun náà sí i. Ìdí ni pé ohun tí sítíríkì àti ẹfun máa ń bí, kì í fẹ́ yọ́ nínú omi gbígbóná gan-an, tí ẹ bá sè é ó lè tún padà lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù ní funfun míì, ẹ ò wá ní mọ èyí tí ẹ ń fọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ máa rí i tó ń yọ ìfóòfóò wẹ́wẹ́. Tí kò bá yọ mọ́ tí èèpá ṣì wà níbẹ̀, ásíìdì ló tán, ẹ dà á nù, ẹ po òmíì.

Lẹ́yìn náà, omi lásán, kó hó, ẹ dà á nù, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ da bílíìṣì mọ́ ásíìdì nínú ìkòkò kan náà láé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde nínú ẹ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Dúró Gbọ́
Hmm, mo gbọ́ o Tísà. Èmi rò pé bó bá ṣe ru sí ló ṣe lágbára sí ni. Màá gbìyànjú ẹ̀ láìsí sódà.

Ṣọlá
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà nìyẹn! Súìṣì kẹ́tù mi ti bàjẹ́. Kí omi tó hó ló máa ń kú, màá dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kí n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún lè kú lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kí omi tó hó. Ṣé ihò òkè yẹn ni kí n wá?

Bàbá Wáyà
Ṣọlá, tìẹ yàtọ̀, òdìkejì ti àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ni. Tiwọn ò fẹ́ kú, tìẹ ń yára kú jù. Irin tí mo sọ yẹn ò dá wà nínú kẹ́tù. Àwọn míì wà nísàlẹ̀, lábẹ́ irin ìdí tí omi ń gbé lé, iṣẹ́ tiwọn ni láti pa iná tí èèyàn bá gbàgbé bu omi sí i, torí irin ìdí á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn ò mọ̀ bóyá omi wà àbí kò sí, ohun tí wọ́n mọ̀ ò ju pé ìdí yẹn ti gbóná jù.

Wá wo ohun tí èèpá ń ṣe. Tó bá ti nípọn lórí irin ìdí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bò ó, ooru ò lè bọ́ sínú omi bó ṣe yẹ, ńṣe ló ń há sísàlẹ̀, ìdí á gbóná kọjá ààlà nígbà tí omi ṣì ń lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn irin ìsàlẹ̀ á rò pé kò sómi, wọ́n á pa á. Tó bá tutù díẹ̀ ó tún máa gbà kó o tàn án. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta.

Báwo ni èèpá inú tìẹ ṣe rí?

Ṣọlá
Ó nípọn o, sà. Ó ti ń ṣí bí ìpẹ́pẹ́, ó máa ń bọ́ sínú kọ́ọ̀bù. Mo rò pé kò ṣe nǹkan kan ni mi ò ṣe fọwọ́ kàn án.

Tísà Kẹ́míkà
Sítíríkì yẹn náà ni, àmọ́ fún tìẹ, ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, po òmíì nígbà kejì, má ṣe lo èyí tó ti lò tẹ́lẹ̀. Má sì fi ọ̀bẹ tàbí wáyà ìfọkòkò ha á. Èèpá máa ń rọ́nà lẹ̀ sí ojú irin tí wọ́n bá ti ha, á tètè padà.

Àbẹ̀kẹ́
Bàbá Wáyà, mo ti ṣe bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ooru ń jáde lẹ́nu kẹ́tù, ó sì tún ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí, lápá òsì, ó pọ̀ gan-an. Mo wá ṣí ọmọrí nígbà tó tutù, mo rí i pé funfun ti lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀ níbi tó ń jókòó sí, bí ìlà tínrín yípo. Ihò tí ẹ sọ, mi ò rí i níbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó ni mo rí ohun kan bí ojú abẹ́rẹ́ ńlá mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀yìn, méjì nínú ẹ̀ ti di pátápátá, funfun ló dí i. Ìjọ́sí ni mo ti máa ń bu omi kún un dé ẹnu torí àwa tá à ń lò ó pọ̀ nílé, àbí ìyẹn ló fà á?

Bàbá Wáyà
Ẹ ti rí i tán, àǹtí. Nǹkan méjì ló pàdé ara wọn lórí kẹ́tù yín. Ti àkọ́kọ́ ni ọmọrí. Etí ẹ̀ tí èèpá ti gbé sókè díẹ̀ yẹn ti mú kó má pa dé dáadáa, ooru tó yẹ kó lọ sínú ihò ń bá ẹ̀gbẹ́ jáde lọ lófìfo. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá gbàgbé ọmọrí ní ṣíṣí, kẹ́tù tuntun gan-an ò ní kú bẹ́ẹ̀. Ti ìkejì ni ihò tó ti dí. Ìwọ̀nba ooru tó bá kù tó ń débẹ̀ ò lágbára láti yí irin yẹn padà.

Ẹ sì ti dá ara yín lóhùn lórí bíbu omi kún. Ìlà tí wọ́n fà sára kẹ́tù pé omi ò gbọdọ̀ kọjá, ihò yẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi fà á. Tí omi bá pọ̀ jù tó bá wá ń hó, ó máa ń ta sókè wọ inú ihò, omi á gbẹ, ẹfun inú ẹ̀ á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Lójoojúmọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe dí nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kánjú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ìjókòó ẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì náà kúrò lára ògiri, kó tutù pátápátá, kó má ní omi nínú. Ẹ po sítíríkì ṣíbí ìpotíì kan sínú ìdajì kọ́ọ̀bù omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ mú igi olówùú tí wọ́n fi ń nu etí, ẹ rì í sínú ẹ̀, ẹ fún un kó má máa kán tótó, kí ẹ wá fi tẹ ojú ihò yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó nù ún. Ẹ tún òmíì ṣe. Bó bá ṣe pé ó nípọn, ó lè gbà yín tó ìgbà mẹ́jọ mẹ́wàá. Nígbà tó bá rọ̀, ẹ fi igi tín-ín-rín tó rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tayín, yí i díẹ̀ kí ó jábọ́ síta, kì í ṣe kí ẹ tì í wọnú lọ. Abẹ́rẹ́ tàbí wáyà, rárá o. Ẹ dojú kẹ́tù kọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí ohun tó bá ń já bọ́ má bàa gba inú ihò lọ.

Etí ọmọrí, aṣọ tó rin sínú omi sítíríkì yẹn náà ni, ẹ wé e mọ́ ọn fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ nù ún.

Màmá Tólá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tí ò ṣe ní kí wọ́n kàn ro fínígà sínú ihò yẹn kó sì máa ṣàn gba inú ọ̀nà ẹ̀ lọ, kó fọ gbogbo ẹ̀ dé ìsàlẹ̀? Ọ̀nà yẹn gan-an náà lè ti dí.

Bàbá Wáyà
Màmá, ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ ibi tí ọ̀nà yẹn parí sí ni ìṣòro. Ibi tí iná wà ló parí sí. Súìṣì wà níbẹ̀, àwọn wáyà wà níbẹ̀. Omi ásíìdì tó bá dé orí ẹnu iná máa ń jẹ irin ẹ̀, ó tún lè mú kí iná máa jò sára kẹ́tù, onírin sì ni ti àǹtí, ohun tí ọwọ́ ń kàn ni. Fínígà ò lè gbẹ tán níbẹ̀ kíákíá bí ẹ ṣe rò. Ọ̀nà tó jìn yẹn, tí òun ló dí lóòótọ́, mi ò ní fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni máa ro omi sí i nílé. Bí omi bá ṣèèṣì wọlé, ẹ dojú ẹ̀ kọlẹ̀ níbi afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fún odindi ọjọ́ kan kó tó tún fọwọ́ kan iná.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi tú tèmi ni. Mo ṣí sùkúrúù ìdí ẹ̀, mo rí irin kékeré yẹn, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè tètè máa ṣiṣẹ́. Látìgbà yẹn ó ń kú nígbà tí omi ò tíì hó. Mo tún tẹ̀ ẹ́ padà, kò wá ń kú rárá mọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ bó ṣe yẹ kó tẹ̀?

Bàbá Wáyà
Àbúrò, kò sí bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe tẹ irin yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣe é ló pinnu ìgbà tó máa yí, bí ìka bá ti yí i padà díẹ̀, ó ti di irin míì. Òdindi súìṣì yẹn ni wọ́n máa ń pààrọ̀, tó o bá rí irú ẹ̀ gan-an. Tí o ò bá rí i, má lò ó mọ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́, ibi tó kù lára kẹ́tù náà ṣì dáa, àmọ́ ohun tó yẹ kó dá iná dúró ló ti ṣáko yẹn.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun.

Àbẹ̀kẹ́
Mo padà dé o. Alẹ́ àná ni mo ṣe é, ó gbà mí tó wákàtí kan. Igi olówùú mọ́kànlá ni mo lò. Nǹkan funfun tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun tó ti dì, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣí. Mo fi aṣọ wé etí ọmọrí, ó ti ń dún "tá" báyìí tí mo bá pa á dé, mi ò tiẹ̀ rántí pé ó máa ń dún bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo wá bu lítà kan sí i, mo tàn án, mo gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó gùdùgùdù, sẹ́kọ́ńdì 14 ló gbà, ó kú! Inú mi dùn gan-an. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́ 13.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Nígbà tí mo bu omi díẹ̀, bíi kọ́ọ̀bù kan ààbọ̀, ó tó sẹ́kọ́ńdì 35 kó tó kú. Ṣé ó ṣì ku nǹkan kan?

Bàbá Wáyà
Àǹtí, ẹ ṣe é dáadáa. Ti omi díẹ̀ yẹn, mi ò rò pé àléébù ni. Omi díẹ̀ nínú kẹ́tù ńlá, àyè tó ṣófo lókè pọ̀, afẹ́fẹ́ tútù ló kún ibẹ̀, irin ẹ̀gbẹ́ kẹ́tù náà ṣì tutù, ooru gbọ́dọ̀ lé ìyẹn kúrò kó tó dé ihò. Ẹ wo ìlà tó kéré jù tí wọ́n fà sára ẹ̀, ẹ má bu omi sísàlẹ̀ ẹ̀. Bí ó bá ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí omi dé àárín ni kí ẹ pè mí.

Tísà Kẹ́míkà
Mo fẹ́ fi kún un o, Bàbá Wáyà, ẹ wò ó bóyá ẹ máa gbà. Àǹtí, ṣé asẹ́ kékeré yẹn ṣì wà lẹ́nu kẹ́tù yín? Tèmi, ìgbà tí mo yọ ọ́ kúrò torí pé ó ti dí ni mo rí i pé kẹ́tù ń pẹ́ kó tó kú. Mo rò pé ooru ń rí ẹnu fífẹ̀ gbà jáde, kò wá ráyè lọ sẹ́yìn.

Àbẹ̀kẹ́
Kò sí níbẹ̀ mọ́ o, Tísà. Ó ti já, mo ti sọ ọ́ nù.

Bàbá Wáyà
Tísà, mi ò lè sọ pé irọ́ ni, àmọ́ mo ti lo èyí tí ò ní asẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń kú bó ṣe yẹ. Asẹ́ yẹn, kí èèpá má bàa bọ́ sínú kọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ihò inú ẹ̀ pọ̀, ooru ń gbà á kọjá náà.

Tísà Kẹ́míkà
Ó lè jẹ́ bí ẹnu kẹ́tù kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ sí ni. Ti èmi fẹ̀ gan-an, onídígí ni. Nígbà tí mo dá asẹ́ padà sí i, ó dín kù. Àmọ́ mo fọ ihò òkè lọ́jọ́ kan náà, torí náà mi ò lè búra pé asẹ́ ló ṣe é.

Bàbá Wáyà
Òótọ́ lẹ sọ yẹn. Ẹni tó bá ní asẹ́ tó ṣeé yọ, kó bá wa fi aago wò ó, omi tó dọ́gba, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú asẹ́, lẹ́ẹ̀kan láìsí asẹ́, kó jẹ́ kí kẹ́tù tutù láàárín méjèèjì.

Màmá Tólá
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn náà. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, súìṣì ń kú, mo ń gbọ́ "kàn" yẹn, iná pupa ara ẹ̀ náà á kú, àmọ́ omi ò ní dákẹ́, ńṣe láá máa hó lọ. Wọ́n ti fi sítíríkì fọ̀ ọ́ lánàá, ihò òkè mọ́. Kí ló ṣẹ́ kù tí wọ́n máa fọ̀?

Bàbá Wáyà
Màmá, ẹ ní kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri nísinsìnyí, kí wọ́n tó tún ṣe nǹkan míì. Mo kọ́kọ́ ń bi yín, ṣé híhó gidi ni àbí omi tó ṣì ń ru díẹ̀ torí ìdí ṣì gbóná? Èyí tó ń ru díẹ̀ kì í ju bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá sí ogún lọ.

Màmá Tólá
Híhó gidi ni. Wọ́n ní ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e kúrò lórí ìjókòó ẹ̀.

Bàbá Wáyà
Nígbà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèpá mọ́. Nínú súìṣì, irin kékeré méjì ló máa ń fẹnu kan ara wọn kí iná lè kọjá, tí súìṣì bá kú wọ́n á já kúrò lára ara wọn. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá já, iná máa ń ṣẹ́ná díẹ̀ láàárín wọn, tó bá pẹ́, wọ́n lè yọ́ kí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ súìṣì á máa lọ, á máa bọ̀, á máa dún "kàn", iná pupa náà lè kú, ṣùgbọ́n iná gidi ṣì ń kọjá. Irú ẹ̀ lè má kú tí omi bá gbẹ tán. Àwọn irin ìsàlẹ̀ tí mo sọ fún Ṣọlá lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ibi tí àwọn náà ń já iná ló lẹ̀, kò sí nǹkan kan láàárín kẹ́tù àti iná ilé mọ́. Kí wọ́n má lò ó mọ́, kódà ká ní ẹnì kan dúró tì í.

Màmá Tólá
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀, sà.

Ṣọlá
Mo fọ tèmi lẹ́ẹ̀mejì bí Tísà ṣe wí. Ìgbà àkọ́kọ́ omi náà funfun bíi wàrà, ìpẹ́pẹ́ ńlá ńlá ló ń ṣí. Ìgbà kejì ni irin ìdí fara hàn. Ó ti ń hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìkú báyìí, àmọ́ àmì ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ kan ṣì wà láàárín tí sítíríkì ò rí nǹkan kan ṣe sí, kò tiẹ̀ fóò rárá. Ṣé kí n tún po òmíì?

Tísà Kẹ́míkà
Tí kò bá fóò, kì í ṣe ẹfun, má fi ásíìdì dà á láàmú mọ́. Kán fínígà kan sí i nígbà tó bá gbẹ láti dá a lójú. Ó lè jẹ́ ìpata láti inú páìpù omi, ó sì lè jẹ́ ojú irin tó ti yí àwọ̀ padà nígbà tó ń gbóná jù lábẹ́ èèpá. Fi ìka rẹ kàn án. Tó bá tẹ́ bíi gbogbo ìdí tó kù, àwọ̀ lásán ni. Tó bá jinlẹ̀ bí kòtò tàbí tó ń ha ọwọ́, fi fọ́tò ẹ̀ síbí ká wò ó.

Ṣọlá
Ó tẹ́. Fínígà náà ò fóò lórí ẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.

Àbẹ̀kẹ́
Bàbá Wáyà, mo wọn án láàárọ̀ yìí pẹ̀lú omi tó dé àárín, sẹ́kọ́ńdì 15. Mo ti ń bu omi dé ìsàlẹ̀ ìlà yẹn báyìí, mo sì ń da èyí tó bá kù nínú ẹ̀ nù lálẹ́. Tí mo bá rí asẹ́ tó bá ẹnu ẹ̀ mu, màá wọn án lẹ́ẹ̀mejì fún Tísà kí n wá sọ èyí tó yá jù fún yín.